Ike fúrà tàbí ike yógọ́ọ̀tì? Bí a ṣe ń fi oúnjẹ inú ike àti ìgò wé ara wọn fún aláboyún

Ní ọ̀sán Sátidé kan, èmi àti ìyàwó àbúrò mi wọ súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Adéníran Ògúnsànyà, ní Sùúrùlérè. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù karùn-ún. Nígbà tí a fi máa débi tí wọ́n ti ń sanwó, nǹkan mẹ́fà ló ti kó sínú agbọ̀n: ike yógọ́ọ̀tì kan, ike fúrà kan, ìgò mayonéèsì, kólúsìlọ́ọ̀ inú abọ́ ike kan, agolo kọfí kékeré, àti ike ẹ̀nájì dírińkì gíga kan. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Àǹtí mi, gbogbo ẹ̀ ló ní nọ́ńbà NAFDAC o, mo ti wò ó kí n tó mú un."

Ó ṣe dáadáa tó wò ó. Nọ́ńbà yẹn ń sọ fún wa pé ìjọba mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe nǹkan náà, wọ́n sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kò sọ ẹni tí ó yẹ kó jẹ ẹ́. Kọfí ní nọ́ńbà, ẹ̀nájì dírińkì náà ní nọ́ńbà, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò rí bákan náà fún obìnrin tó lóyún.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe yógọ́ọ̀tì, lápá Ìkẹjà. Ìdí ìkòkò ni mo wà, níbi tí a ti ń gbé mílíìkì kaná. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé tó bá kan mílíìkì àti ẹyin, ìbéèrè méjì péré ni kí èèyàn bi ara rẹ̀: ṣé iná kàn án? Lẹ́yìn tí iná kàn án, kí ló tún kàn án? Ti kàféènì tó wà nínú kọfí àti ẹ̀nájì dírińkì yàtọ̀, torí iná kò rí i ṣe. Iye tó wà nínú rẹ̀ la máa ń kà. A bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo kó àwọn nǹkan náà jáde nínú agbọ̀n, mo sì tò wọ́n ní méjì méjì.

Ike yógọ́ọ̀tì àti ike fúrà

Tí o bá gbé àwọn méjèèjì lọ́wọ́, wọ́n jọra. Funfun ni wọ́n, wọ́n kan díẹ̀, inú òtútù ni a ti mú wọn. Ẹ̀yìn ike ni ìyàtọ̀ wọn wà, níbi tí wọ́n ti to èròjà sí ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ, èyí tó kéré jù á wà nígbẹ̀yìn.

Lára yógọ́ọ̀tì, wọ́n kọ ọ́ pé omi, mílíìkì oníyẹ̀fun, ṣúgà, àti èso yógọ́ọ̀tì, ìyẹn kòkòrò tí kì í pani lára tí wọ́n fi ń mú un kan. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo ń wá wà: pásítọ̀ráìsì. Ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbé mílíìkì náà kaná dé ìwọ̀n tó ń pa kòkòrò àrùn. Mílíìkì tí a fẹ́ mu lásán, wọ́n lè gbé e dé 72°C fún ìṣẹ́jú àáyá 15, tàbí 63°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ti yógọ́ọ̀tì máa ń le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ooru náà ló tún ń jẹ́ kó ki. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, a máa ń gbé e dé 90°C, a óò fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, a óò wá jẹ́ kó tutù dé nǹkan bíi 43°C kí a tó da èso rẹ̀ sí i. Mílíìkì oníyẹ̀fun náà sì ti rí iná tẹ́lẹ̀ kó tó di ìyẹ̀fun rárá.

Ohun kan máa ń da àwọn ènìyàn láàmú níbí. Wọ́n á rí i lára ike pé nǹkan alààyè wà nínú yógọ́ọ̀tì náà, wọ́n á rò pé tútù ni mílíìkì rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan alààyè yẹn ni èso tí a dà sí i lẹ́yìn tí iná ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tán. Kò ní ṣe aláboyún ní nǹkan kan.

Mo wá yí ike fúrà náà padà. Mílíìkì fúrẹ́ẹ̀ṣì, jéró, ṣúgà, atalẹ̀, kànáfùrù. Ó parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ pásítọ̀ráìsì kò sí níbì kankan, iwájú, ẹ̀yìn, tàbí ìdérí. Ìyàwó mi ní, "Fúrẹ́ẹ̀ṣì ni wọ́n kọ yẹn, Àǹtí, ṣé kò dáa ju oníyẹ̀fun lọ ni?" Mo sọ fún un pé fúrẹ́ẹ̀ṣì kò sọ nǹkan kan nípa iná. Mílíìkì tí wọ́n fún lára màlúù láàárọ̀ yìí, fúrẹ́ẹ̀ṣì ni. Èyí tí wọ́n fún láàárọ̀ tí wọ́n sì gbé kaná lọ́sàn-án, òun náà fúrẹ́ẹ̀ṣì ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nùnú láti ilẹ̀ wá, mílíìkì tútù ni wọ́n ń fi sílẹ̀ kó kan fúnra rẹ̀, ìgbà mìíràn wọ́n á da díẹ̀ nínú ti àná mọ́ ọn. Iná kì í kàn án. Nùnú yẹn ni wọ́n ń po mọ́ jéró tó ń di fúrà tí à ń mu.

Mo fẹ́ràn fúrà, mi ò sì bú u. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà ní Èkó tí wọ́n ń fi yógọ́ọ̀tì tó ti rí iná ṣe fúrà tiwọn, wọ́n sì kọ ọ́ sára ike. Èyí yẹn, kí aláboyún mu ún. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí a má fi orúkọ oúnjẹ ṣèdájọ́. Ike fúrà méjì lè wà nínú fíríìjì kan náà, kí ọ̀kan dára fún un, kí èkejì má dára.

Ohun tí à ń bẹ̀rù nínú mílíìkì tútù ni kòkòrò kan tó ń jẹ́ lísítẹ́ríà. Ó yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́, òtútù fíríìjì kò dá a dúró. Nígbà tí àwọn kòkòrò mìíràn bá ti sùn, òun á máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ìkejì, ó máa ń wá aláboyún kiri: ó ń mú wọn ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá bó ṣe ń mú àwọn ẹlòmíràn. Ìyá lè máà mọ̀ ju pé ara òun gbóná, ẹ̀yìn ń ro òun, bí ẹni tí ọ̀fìnkìn fẹ́ mú. Àmọ́ kòkòrò náà ń kọjá níbi ọmọ lọ bá ọmọ inú. Oyún lè wálẹ̀, ọmọ lè wá kí oṣù tó pé, wọ́n sì lè bí i ní òkú. Nínú mílíìkì tútù kan náà, àrùn tó ń bá màlúù jà tí wọ́n ń pè ní búrúsẹ́lọ́sìsì àti ikọ́ ife ti màlúù lè gbà wọlé pẹ̀lú. Pé mílíìkì náà ti kan kò sọ pé kòkòrò ti kú. Kíkan rẹ̀ lè má jẹ́ kí wọ́n tètè pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e bí ẹni gbára lé iná.

Èyí ni ti ìbéèrè àkọ́kọ́. Ìkejì, ohun tó kàn án lẹ́yìn iná, ọ̀ràn Èkó gan-an nìyẹn. Mo fọwọ́ kan fíríìjì náà. Ó tutù, ẹ̀rọ rẹ̀ ń dún. Ṣùgbọ́n lébùlù ike yógọ́ọ̀tì tó wà níwájú ti wú, etí rẹ̀ ti ká sókè, omi díẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ pákó fíríìjì. Èyí máa ń jẹ́ àmì pé iná lọ lóru, wọn kò tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo rẹ̀ sì yọ́ kó tó tún tutù. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo mú ike mìíràn. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ìdérí rẹ̀: ó tẹ́jú, kò ta sókè. Ti ìdérí bá ti yọ ikùn, tí ike náà sì le bíi bọ́ọ̀lù, ìwúkàrà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú rẹ̀, àfẹ́fẹ́ tó ń dá ló ń ti ìdérí. Ẹ dá a padà, ohun yòówù kí ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i máa sọ. Ọjọ́ ẹsipáyà tí wọ́n kọ, wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú ìrètí pé inú òtútù ni yóò wà ní gbogbo ìgbà.

Ẹni tí kò bá gbọ́kàn lé fíríìjì àdúgbò rẹ̀, kó ra mílíìkì inú páálí tí wọ́n kọ UHT sí lára. Ooru tí wọ́n fi se é kọjá 135°C, ìta ni ó ń gbé títí wọ́n á fi ṣí i. Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí i, ó ti di ti fíríìjì, kí ẹ sì mu ún tán láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Mílíìkì inú agolo àti oníyẹ̀fun kò ní wàhálà.

Kí n fi wàrà kún un, torí ìyàwó mi bèèrè. Wàrà tí àwọn Fúlàní ń ṣe rí iná, torí wọ́n máa ń se mílíìkì náà kí omi ewé bomubómu tó mú un dì. Ohun tó kàn án lẹ́yìn iná ni ìṣòro rẹ̀: ó ń wà nínú omi rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ oríṣiríṣi sì ń wọ inú abọ́ náà. Kò sí ohun tó burú nínú kí aláboyún rà á, tó bá ti lè dín in tàbí kó tún un sè nílé títí inú rẹ̀ fi gbóná dáadáa, kó sì jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Wàrà òyìnbó tó rọ̀ tí èéhù funfun tàbí èyí aláwọ̀ búlúù wà lára rẹ̀, kó fi sílẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ kọ pásítọ̀ráìsì sí i. Èyí tó le àti èyí tó ń bọ̀ nínú ọ̀rá pẹlẹbẹ fún búrẹ́dì dára.

Ìgò mayonéèsì àti abọ́ kólúsìlọ́ọ̀

Èyí ló ya ìyàwó mi lẹ́nu jù. Wọ́n ti sọ fún un ní ibi iṣẹ́ pé aláboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kan mayonéèsì torí ẹyin tútù. Ìgò tó mú yìí dára. Ẹyin inú rẹ̀ ti rí iná tó tó láti pa kòkòrò àrùn tó ń jẹ́ sàlìmonẹ́là láìjẹ́ kó dì, wọ́n sì kọ ọ́ sí i: pupa ẹyin tí a ti pásítọ̀ráìsì. Fínígà inú rẹ̀ tún pọ̀ tó láti má jẹ́ kí kòkòrò rọ́wọ́ mú. Ìdí nìyẹn tí ó fi lè dúró lórí pẹpẹ lóde, láìsí fíríìjì, fún oṣù pípẹ́.

Mayonéèsì tí wọ́n fi ẹyin tútù lù nínú bílẹ́ńdà ni kó sá fún. Àwọn ibì kan ń ṣe ìyẹn fún ṣàwámà wọn, wọ́n á bù ú sínú ọ̀rá kékeré tàbí ike tí kò ní orúkọ. Ìbéèrè tí mo ní kó máa bi wọn kò gùn: "Ẹ jọ̀ọ́, ti inú ìgò ni èyí, àbí ẹ̀yin lẹ lù ú?" Tí ẹni tó ń tà á kò bá lè dáhùn, kí wọ́n má fi sí tirẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ṣúgà funfun tó le tí wọ́n ń fi bo kéèkì ìnáwó. Kéèkì fúnra rẹ̀ ti wọ ààrò. Ìbora rẹ̀ ni kó bèèrè bóyá funfun ẹyin tútù ni wọ́n fi pò ó, tàbí ìyẹ̀fun ẹyin tí wọ́n rà. Ìyẹ̀fun yẹn ti rí iná.

Mo fẹ́ kí gbogbo aláboyún Èkó tó ń ka ìmọ̀ràn lórí fóònù mọ èyí: ní UK, láti 2017, wọ́n ti gbà fún aláboyún láti jẹ ẹyin tí pupa rẹ̀ ṣì ń ṣàn, tó bá ní òǹtẹ̀ kìnnìún pupa lára. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ti ọ̀hún ni, torí wọ́n ti fún àwọn adìyẹ tó ń yé ẹyin yẹn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára sàlìmonẹ́là, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn. Ẹyin inú kíréètì tí à ń rà ní Oyíngbò tàbí Máìlì Twẹ́lìfù kò ní òǹtẹ̀ yẹn. Tiwa, kí funfun àti pupa rẹ̀ dì pátápátá, ì báà jẹ́ sísè tàbí èyí tí wọ́n dà sórí índómì.

Kólúsìlọ́ọ̀ ńkọ́? Mayonéèsì tó wà nínú rẹ̀ lè jẹ́ ti inú ìgò, kó sì dára. Kábéèjì ni mo wò. Tútù ni, ẹnìkan ló gé e, inú fíríìjì ló ti ń gbé láti ìgbà tí a kò mọ̀, lísítẹ́ríà sì fẹ́ràn ibẹ̀. Ní Kánádà ní 1981, kólúsìlọ́ọ̀ gan-an ni ó gbé àrùn náà jáde. Ìgbẹ́ àgùntàn ni wọ́n fi ṣe ajílẹ̀ fún kábéèjì náà, àgùntàn tí àrùn náà ti wà lára wọn, wọ́n sì kó kábéèjì sínú òtútù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nínú 41 tí àìsàn náà mú, 34 jẹ́ ti aláboyún àti ọmọ tuntun. Lára abọ́ tí ìyàwó mi mú, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é kò sí rárá. Orúkọ àti iye owó nìkan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

Mo ní kó gbé e padà, kó ra odidi kábéèjì àti káróòtì. Nílé, kó bọ́ ewé òde dànù, kó fọ ìyókù lábẹ́ omi tó ń ṣàn, kó gé e, kó fi mayonéèsì inú ìgò pò ó, kó sì jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Oúnjẹ kan náà ni, àsìkò tó fi jókòó ló yàtọ̀.

Agolo kọfí àti ike ẹ̀nájì dírińkì

Níbí, ẹ gbàgbé iná. Kàféènì kì í ṣe kòkòrò. Sísè kò mú un kúrò, òtútù kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ó ń gba ibi ọmọ kọjá, ọmọ inú kò sì tíì ní ohun tí àgbàlagbà fi ń tú u palẹ̀ nínú ara. Ara ìyá fúnra rẹ̀ ń lọ́ra: ẹni tí kò lóyún á yọ ìdajì rẹ̀ kúrò ní nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ṣùgbọ́n nígbà tí oyún bá ti ń sún mọ́ òpin, ó lè tó wákàtí 15. Tí ó bá pọ̀ lójoojúmọ́, ọmọ lè kéré níwọ̀n nígbà tí wọ́n bá bí i, ewu kí oyún wálẹ̀ sì ń pọ̀ sí i.

Ààlà tí ọ̀pọ̀ àjọ dókítà ń fún aláboyún ni mílígíráàmù 200 lójúmọ́. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí ẹni tó bá ń mu ju 300 lọ dín in kù. Èmi á di 200 mú.

| Ohun mímu | Kàféènì, ní mílígíráàmù |
|---|---|
| Kọfí oníyẹ̀fun, ife ńlá kan | bíi 100 |
| Kọfí tí wọ́n sẹ́, ife ńlá kan | bíi 140 |
| Tíì inú àpò, ife ńlá kan | bíi 75 |
| Kóòlà, agolo kan | bíi 40 |
| Ẹ̀nájì dírińkì, agolo 25 cl | bíi 80 |
| Ṣokoléètì dúdú, 50 g | kò tó 25 |
| Mọ́òtì | kò sí |

Kí a mọ ohun tí à ń pè ní tíì o. Ní Èkó, tí èèyàn bá ní òun ń mu tíì, ó lè jẹ́ kòkó oníyẹ̀fun pẹ̀lú mílíìkì ló ń mu. Kàféènì ìyẹn kéré gan-an. Tíì inú àpò, tó ń mú omi pọ́n, ni mo kọ 75 fún. Tí nọ́ọ̀sì bá bi yín, ẹ sọ èyí tí ẹ ń mu gan-an.

Lára ike ẹ̀nájì náà, mo wá kàféènì láàárín èròjà. Wọn kò kọ mílígíráàmù, 0.03% ni wọ́n kọ. Ó kéré lójú, ìyàwó mi tilẹ̀ ní, "Àǹtí, kò tó nǹkan náà." Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí. 0.03% túmọ̀ sí mílígíráàmù 30 nínú gbogbo 100 ml. Ike náà jẹ́ 50 cl, èyí tó jẹ́ 500 ml. Tí a bá fi 5 lọ́po 30, ó di 150. Nínú ike kan ṣoṣo nìyẹn. Ẹ máa wo ìwọ̀n ike, torí nọ́ńbà kan náà lára agolo 25 cl á jẹ́ 75.

Mo wá ní kó sọ bí ọjọ́ Mọ́ńdè rẹ̀ ṣe ń lọ. Ní aago márùn-ún àárọ̀, ó ti mu ife kọfí kan kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Mẹ́rínà: 100. Lọ́sàn-án, ife tíì kan: 75. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá há wọn mọ́ orí Afárá Èkó, ó ra ẹ̀nájì kan lọ́wọ́ àwọn tó ń sáré tẹ̀lé mọ́tò: 150. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 325. Ó dákẹ́, ó tún un kà lórí ìka. Tí ó bá yọ ẹ̀nájì kúrò, ó ku 175, kọfí àti tíì rẹ̀ lè dúró síbẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì, agolo kọfí ni mo fi sílẹ̀ nínú agbọ̀n, pẹ̀lú ṣíbí kan fún ife kan.

Ṣé kò lè fi kọfí sílẹ̀ kó mu agolo ẹ̀nájì kékeré kan? Nọ́ńbà rẹ̀ kò ní kọjá 200, òótọ́ ni. Síbẹ̀ mi ò ní fọwọ́ sí i. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ohun mímu bẹ́ẹ̀ tí kàféènì rẹ̀ bá ju mílígíráàmù 150 lọ nínú lítà kan gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára pé kò yẹ fún aláboyún. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa yìí jẹ́ 300 nínú lítà kan. Ẹ tún wo èròjà tó ń jẹ́ gùaránà: èso kan ni, kàféènì wà nínú rẹ̀, ó sì lè máà sí nínú iye tí wọ́n kọ.

Obì náà ní kàféènì, kò sì sí lébùlù lára rẹ̀. Èmi kò lè fún ẹnikẹ́ni ní iye tó wà nínú awẹ́ kan, torí obì kò dọ́gba. Ẹni tó bá ti mu kọfí àti tíì tirẹ̀ lónìí, tí wọ́n wá pín obì níbi ìkómọ, kó gbà á tọwọ́tọwọ́, kó fi sínú báàgì.

Tó bá ti jẹ ẹ́ ńkọ́?

Ìyàwó mi dákẹ́ títí a fi sanwó, lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé òun ti mu ike fúrà méjì ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo sọ fún un pé kó má bẹ̀rù, torí ọ̀pọ̀ jù lọ ike bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan, kò sì sí oògùn tí ó yẹ kó lọ rà lò fúnra rẹ̀. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó kọ ọjọ́ tó mu ún sílẹ̀, torí lísítẹ́ríà kì í yára bí sàlìmonẹ́là. Ti sàlìmonẹ́là, láàárín wákàtí mẹ́fà sí ọjọ́ mẹ́fà ni inú á ti máa run, tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru á dé. Lísítẹ́ríà lè dúró títí dé oṣù méjì kó tó fara hàn.

Èyí ló sì ń ṣe ewu fún wa ní Èkó. Bí ara aláboyún bá ti gbóná, ibà ẹ̀fọn ni gbogbo ènìyàn ń rò, òun náà á rò bẹ́ẹ̀, á sì lo oògùn ibà. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná láàárín oṣù méjì yìí, lọ́jọ́ náà gan-an ni kó lọ sí ọsibítù, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ibà fún un. Kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, mo mu mílíìkì tí iná kò kàn ní ọjọ́ báyìí." Tí àyẹ̀wò ibà bá fi hàn pé kò sí, gbólóhùn yẹn ni yóò jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ wo bóyá kòkòrò wà nínú rẹ̀. Àwọn oògùn tó ń pa lísítẹ́ríà wà tí aláboyún lè lò, irú bí ámpísílìnì, àmọ́ dókítà ni yóò kọ ọ́.

Ó yọ fóònù jáde níwájú súpámákẹ́ẹ̀tì, ó ṣírò ọjọ́ náà padà sí Túsìdeè, ó sì kọ ọ́ sí ibi tí ó ń kọ ọjọ́ klíníkì rẹ̀ sí.